Ìyá ẹlẹ́bìrìpò inú gémù mi kì í bá ọjà: níbo ni mo ti ṣì í?

ỌmọÌpẹ́rù, ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń fi Godot ṣe gémù kékeré kan nípa ìlú kan ní Rẹ́mọ. Ẹni tó ń gbá gémù yìí máa gbélé, á dáko, á bá àwọn ará ìlú ṣe ọ̀rẹ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ni mo ti ṣe sínú ìlú náà, olúkúlùkù ní ibi tó yẹ kó wà ní aago kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń kọ ètò ọjọ́ nínú gémù Stardew Valley ni mo wò kọ: aago, máàpù, nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí táìlì, lẹ́yìn náà ibi tó kọjú sí. Ti Ìyá Ẹlẹ́bìrìpò rèé, lọ́jọ́ ọjà:

```
"oja": "800 Oja 14 22 2/1730 Ile 5 8 0"
```

Mo fẹ́ kó ti wà nídìí ọpọ́n rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Kì í dé! Bí mo bá tẹ̀ lé e látẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, á dé ọjà ní nǹkan bí 9:10. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo bá wà láàfin láti àárọ̀, tí mo wá wọ ọjà lọ́sàn-án gangan, n kò ní bá a níbẹ̀ rárá. Bí mo bá padà lọ sílé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni màá ti bá a, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Aago gémù mi: ìṣẹ́jú-àáyá 7 ti ayé ni ìṣẹ́jú 10 ti inú gémù, bíi ti Stardew. Táìlì 2 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà ilé rẹ̀ sí ọjà jẹ́ táìlì 96, ó sì kọjá nínú máàpù mẹ́ta.

Ṣayọ̀Àgọ́, 9:31 alẹ́

Ìrìn rẹ̀ ló falẹ̀, ọ̀rẹ́. Sọ ọ́ di táìlì 6. Èmi náà ti rí i rí, bí mo ṣe fi kún ìrìn wọn báyìí, gbogbo rẹ̀ tò.

ÌyáÌbejìṢàgámù, 9:40 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu. Nínú The Sims ti àwọn ọmọ mi, ọkọ tí mo ṣe fún ìyàwó ilé náà kì í lọ síbi iṣẹ́ nígbà mìíràn. Ebi á máa pa á, á dúró síwájú fíríìjì, mọ́tò á dé, á lọ láìmú un. Ṣé aago tirẹ̀ náà ló bàjẹ́ ni?

ẸgbọnKóòdù, 10:22 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀ sí tirẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú The Sims, ohun tó ń ṣe wọ́n ló ń darí wọn ju aago lọ: ebi, oorun, ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo nǹkan inú ilé ló ń ké sí wọn. Fíríìjì ń sọ pé "mo lè yó ọ tó báyìí", bẹ́ẹ̀dì ń sọ tirẹ̀, èyí tó bá bá ohun tó ń ṣe é mu jù ni ó máa tẹ̀ lé. Bí ebi bá ti pa á dé góńgó, iṣẹ́ kò dùn létí rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun kí aago iṣẹ́ tó tó, ẹ ó rí i pé á lọ.

Ọmọ Ìpẹ́rù, ìṣòro méjì ni o ní, wọn kò sì bá ara wọn tan. Jẹ́ kí n mú èyí tó rọrùn ṣáájú.

Aago 800 tí o kọ yẹn, aago tí ó *kúrò* nílé ni, kì í ṣe aago tí ó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Stardew. Wá ṣírò rẹ̀: táìlì 96, méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó di ìṣẹ́jú-àáyá 48. Pín in sí 7, ó kù díẹ̀ kó pé méje. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá méje ti kọjá nínú gémù, tí í ṣe wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10. 8:00 àti wákàtí kan ó lé mẹ́wàá, ṣé kì í ṣe 9:10 nìyẹn? Kóòdù rẹ kò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tí o sọ fún un ló ṣe.

Stardew ní ọgbọ́n fún èyí. Bí o bá fi lẹ́tà `a` ṣáájú aago, ó di aago tí ó gbọ́dọ̀ *dé*, gémù fúnra rẹ̀ á sì ṣírò ìgbà tí yóò kúrò:

```
"oja": "a800 Oja 14 22 2/1730 Ile 5 8 0"
```

Ìwọ náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn ọ̀nà rẹ̀, yọ ìrìn rẹ̀ kúrò nínú aago mẹ́jọ. 6:50 ló máa bọ́ sí. Máa ṣe é láàárọ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rìn.

Ṣayọ̀, táìlì 6 tí o sọ yẹn, mo ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 16, bí ìṣẹ́jú 23 nínú gémù. Ó ṣì máa pẹ́. Wàá wá rí ìyá arúgbó tó gbé ọpọ́n ẹ̀bìrìpò lérí, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ nítorí àwòrán ìrìn rẹ̀ kò bá eré mu.

Ṣayọ̀Àgọ́, 10:30 alẹ́

Hahaha. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìlú tèmi kéré, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣiṣẹ́ fún mi. Táìlì 30 péré ni ọ̀nà tó gùn jù.

ỌmọÌpẹ́rù, 10:41 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi `a` sí i, mo tẹ̀ lé e, 8:00 gééré ló jókòó. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà láàfin, ẹnu ọ̀nà ilé ni ó ṣì ń wà títí di alẹ́.

ẸgbọnKóòdù, 11:05 alẹ́

Ìyẹn ni ìkejì. Bí o bá ń ti máàpù kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú `change_scene_to_file`, Godot a máa pa gbogbo ohun tó wà nínú máàpù àkọ́kọ́ rẹ́. Ìyá yẹn wà lára ohun tí ó pa rẹ́. Nígbà tí o wà láàfin, kò sí níbì kankan láyé, kò sí ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Nígbà tí o wá dé ilé rẹ̀, máàpù náà ṣí lákọ̀tun, ó gbé e sí ibi tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e sí nígbà tí o ń ya ilé: ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí o ya ọkàn rẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀. Ètò ọjọ́ rẹ̀ àti aago, kó wọn sínú `autoload`, nítorí ìyẹn kì í kú bí máàpù bá yí. Ara rẹ̀ tó hàn lójú, má ṣe gbé e sínú máàpù kankan. Nígbàkígbà tí ẹni tó ń gbá gémù bá wọ máàpù, bi ètò ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "ní báyìí, níbo ló yẹ kí o wà?" Ẹni tí ibẹ̀ bá jẹ́ máàpù yìí nìkan ni o máa ṣẹ̀dá ara fún.

```
func ibi_to_ye(akoko):
    var apa = eto[0]
    for a in eto:
        if a.kuro <= akoko:
            apa = a
    return apa
```

Ó kù ibi kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí o bá dé nígbà tí ó wà lójú ọ̀nà ńkọ́? Ká ní aago 7:30 ni. Ó kúrò nílé ní 6:50, ìṣẹ́jú 40 ti lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 28 ti ayé, táìlì 56. Mú ọ̀nà tí o wọ̀n láàárọ̀, ka táìlì 56 lórí rẹ̀. Bí táìlì 30 àkọ́kọ́ bá wà ní máàpù ilé rẹ̀, tí 50 tó tẹ̀ lé e wà ní títì, tí 16 ìyókù wà lọ́jà, a jẹ́ pé títì ló wà, lórí táìlì kẹrìndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Gbé e síbẹ̀, kó máa rìn lọ. Ẹni tó ń gbá gémù kò ní mọ̀ láé pé kò sí nílé ayé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sẹ́yìn.

OlúOdò, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ ń fi ẹ̀kọ́ gígùn yọ ẹ̀gún kékeré. Nínú Stardew, àwọn ará ìlú ń rìn ní tòótọ́ níbi tí o kò sí. Èmi ò pa máàpù kankan rẹ́, mo kàn ń fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú `visible = false`, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lọ. Èèyàn mẹ́fà ni mo ní, fóònù ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ló ń gbé e láìsí wàhálà. Ìṣirò táìlì 56 yẹn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ohun kan péré ló ṣe mí: máàpù mẹ́ta tí mo tò sórí ara wọn, àwọn ará ìlú ń kọ lu ògiri máàpù tí n kò rí. Mo ní láti gbé wọn jìnnà síra.

ẸgbọnKóòdù, 7:34 àárọ̀

Ó dára, ó ṣiṣẹ́ fún ọ. Èèyàn mẹ́fà nìyẹn. N kò ní sọ pé tìrẹ kò dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbá gémù bá sùn, tí aago fò láti alẹ́ sí àárọ̀, tàbí tí ó dá gémù dúró tí ó sì tún ṣí i ní ọ̀la, kò sí ẹni tó rìn ní gbogbo àkókò yẹn. O ṣì máa bèèrè "níbo ló yẹ kí o wà?" lọ́jọ́ kan. Èmi yàn láti bèèrè rẹ̀ nígbà gbogbo.

OlúOdò, 7:41 àárọ̀

Tèmi, bí ilẹ̀ bá mọ́ gbogbo èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì dà mí láàmú.

DúdúYẹmí, 8:15 àárọ̀

N kò mọ kóòdù o, mò ń gbá Stardew ni. Ṣé nítorí pé wọ́n ti wọn ọ̀nà láàárọ̀ ni àwọn ará ìlú ṣe ń fọ́ nǹkan wa? Mo gbé ẹ̀rọ tó ń sọ èso di ọtí sójú ọ̀nà kan lábúlé, mo padà dé, kò sí mọ́. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò bá ìyá tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

ẸgbọnKóòdù, 8:20 àárọ̀

Òun ni. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ kí o tó gbé ẹ̀rọ rẹ síbẹ̀, wọn kò sì ní wá òmíràn nítorí rẹ. Ohun tí o bá gbé sójú ọ̀nà wọn, wọ́n á fọ́ ọ kọjá. Kì í ṣe ìyá yẹn ló jẹ̀bi.

BàbáÌṣarà, 11:02 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. N kò mọ gémù, mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ọmọ Ìpẹ́rù, báwo ni gémù rẹ ṣe ń mọ ọjọ́ ọjà?

ỌmọÌpẹ́rù, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ sà. Ọjà ọrọọrún ni sà, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Báyìí ni mo kọ ọ́:

```
if (ojo - oja_akoko) % 5 == 0:
    eto = eto_oja
```

BàbáÌṣarà, 11:48 àárọ̀

Mo fura! O ti ba gbogbo ọjà ìlú jẹ́, ọmọ mi, ó sì jọ pé o kò tíì mọ̀. Ọrún wa kì í ṣe márùn-ún ti ẹ̀rọ. Bí àwọn bàbá wa bá ń ka ọjọ́, wọn a máa ka òní mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà lọ́jọ́ Ajé, kà á lórí ìka rẹ: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni ìka karùn-ún, òun la ó tún ná an. Láti Ajé sí Ẹtì, ọjọ́ mélòó ló kọjá? Mẹ́rin. Ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ rẹ fi pín in ni 4. Tìrẹ, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni o gbé ọjà Ẹtì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán: a pè é ní mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni fún ẹ̀rọ.

Bí o bá fẹ́ fi Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde sínú rẹ̀, àgbọ́ye kan náà ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ Iléyá gan-an ni ọjọ́ kìíní, nítorí náà méjì ni o máa fi kún un, kì í ṣe mẹ́ta. Má sì ṣe fún un ní déètì tí kò ní yí, oṣù lójú ọ̀run ló ń tẹ̀ lé.

ỌmọÌpẹ́rù, 12:10 ọ̀sán

Háà! Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi wo gémù náà tó ní "ọjà yín yìí ń rìn gbéregbère". Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

ẸgbọnKóòdù, 12:33 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ti jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Oṣù inú Stardew jẹ́ ọjọ́ 28. Mẹ́rin lọ nínú 28 lẹ́ẹ̀méje, méje náà lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí Ọmọ Ìpẹ́rù bá fi oṣù rẹ̀ sí 28, ọjà máa bọ́ sí déètì kan náà lóṣooṣù, ẹni tó ń gbá a lè há a sórí. Pẹ̀lú 5, kò ní rí bẹ́ẹ̀ láé.

Ṣùgbọ́n ọjà máa bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá yẹn ń lọ tàbí ọjà? Nínú Stardew, déètì oṣù ló ń borí, òjò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ìgbà ọdún ló kẹ́yìn. Kò sí àyè fún ọjà ọrún níbẹ̀, ìwọ lo máa pinnu ibi tí o máa kì í bọ̀.

ÌyáÌbejìṢàgámù, 1:05 ọ̀sán

Ọjà o! Owó ẹlẹ́bìrìpò kì í dúró de ìsìn.

BàbáÌṣarà, 1:12 ọ̀sán

Ó lè lọ sí ìsìn àárọ̀ kùtù kó tó gbé ọpọ́n. Kì í ṣe gbogbo wa ni owó ń sá lé.

ỌmọÌpẹ́rù, 9:50 alẹ́

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀: `a800`, ọkàn nínú `autoload`, % 4, oṣù 28. Ìyá ń lọ, ìyá ń bọ̀. Mo fi ojú ara mi pàdé rẹ̀ ní títì ní 7:30, ọpọ́n lórí, inú mi dùn. Àmọ́ Bàbá Ọlọ́dẹ ti wá sọnù. Láti 22:00 ló yẹ kó wà lẹ́nu géètì ààfin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí aago bá ti lu méjìlá òru, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá a kiri, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá a, ó ń hanrun.

ẸgbọnKóòdù, 10:15 alẹ́

Èmi ló ni ẹ̀bi yẹn, kóòdù tí mo fún ọ ló sùn. Lóru, aago rẹ padà sí 0. Ní aago kan òru, ó wo ètò, kò rí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ kí aago kan tó lù, ó wá mú `eto[0]`, tí í ṣe oorun òwúrọ̀ rẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí aago padà sí 0. Stardew kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 600, lẹ́yìn 2400 ó ń kà á lọ ni títí dé 2600, tí í ṣe aago méjì òru, ibẹ̀ ni ọjọ́ parí sí. Ìwọ tí ilẹ̀ rẹ ń mọ́ gan-an, kà á dé 3000, tí í ṣe aago mẹ́fà àárọ̀. Aago kan òru á di 2500, 2200 ṣì kéré sí i, ọlọ́dẹ á dúró sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣayọ̀Àgọ́, 10:24 alẹ́

Ṣé kò ní rọrùn kó kàn mú ètò tó kẹ́yìn lánàá, bí kò bá rí tòní? Ìlà kan péré ni.

ẸgbọnKóòdù, 10:40 alẹ́

Ó fẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ètò wo ni tàná? Bí àná bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí òní kì í ṣe, wàá ní láti rántí irú ọjọ́ tí àná jẹ́. Bí ọjọ́ kò bá yí títí 3000, kò sí ohun tí o ń rántí.

ỌmọÌpẹ́rù, ọjọ́ Àìkú, 2:18 ọ̀sán

Ọlọ́dẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Màá gbé e sí fóònù ìyá mi lálẹ́ òní kó wò ó.

BàbáÌṣarà, 3:00 ọ̀sán

Ọmọ mi, ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ló ń dé ọjà pẹ̀lú ẹ̀bìrìpò ní aago mẹ́jọ? Àwọn oníṣòwò tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti nílò oúnjẹ kí aago mẹ́jọ tó lù. Aago méje, ó pẹ́ tán.

ỌmọÌpẹ́rù, 3:26 ọ̀sán

Òótọ́ ni sà. Mo ti sọ ọ́ di `a700`. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní láti kúrò nílé ní 5:50. Ọjọ́ mi sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 6:00. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, orí táìlì 14 ló ti yọ sí mi lójijì, bí iwin.

OlúOdò, 3:30 ọ̀sán

Jẹ́ kó kó lọ sí ilé tó sún mọ́ ọjà.

ẸgbọnKóòdù, 3:52 ọ̀sán

Tàbí kí ọjọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ ní 500, kí o sì kà á dé 2900. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa kó tó di pé o yí i, nítorí ọlọ́dẹ rẹ ṣì wà lẹ́nu géètì ní aago márùn-ún.